Owó Ilé, Owó Ọbẹ̀: Bí Tọkọtaya Tí Owó Wọn Kò Dọ́gba Ṣe Lè Pín Ìnáwó

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta, tọkọtaya kò jókòó sọ bí àwọn yóò ṣe máa pín ìnáwó. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ ló ń san owó ilé, òun ló ń san owó ilé ìwé, òun ló ń ra iná. Ó máa ń fún ìyàwó ní owó oúnjẹ, ìyàwó á sì fi tirẹ̀ kún un. Bàtà ọmọ tó já, oògùn ibà, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò, owó tí olùkọ́ ní kí ọmọ mú wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó bá wà nítòsí nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ló ń san án, ìyàwó ló sì sábà máa ń wà nítòsí. Bí ẹ bá bi ọkọ, á ní òun lòun ń gbọ́ bùkátà ilé. Bí ẹ bá bi ìyàwó, á ní òun ò rí kọ́bọ̀ kan fi pamọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Mo fẹ́ ká ṣí ìṣirò rẹ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti da ilé púpọ̀ rú níbi tí ọkọ kò ti ya ahun, tí ìyàwó kò sì ya àpà.

Àpò kan ṣoṣo kọ́ ni Yorùbá fi ń ṣe ìgbéyàwó láti ilẹ̀ wá. Niara Sudarkasa, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé ní ìlú Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kọ ìwé kan tó jáde ní 1973 lórí òwò àwọn obìnrin wa. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ọkọ ló yẹ kó fún ìyàwó ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, bí òwò bá sì ti dúró, ti ìyàwó ni èrè rẹ̀. Ìdí tó lágbára wà fún èyí. Nínú agbolé olórogún, ta ni yóò kó èrè ọjà rẹ̀ sínú àpò tí wọn yóò fi bọ́ ọmọ orogún? Bí ọkọ bá kú, ìdí igi ni wọ́n sábà fi ń pín ogún, ohun tí ìyá kọ̀ọ̀kan ní sì jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ̀ pé ẹ̀sìn fi oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé sí ọrùn ọkọ, ó sì fi owó ìyàwó sílẹ̀ fún ìyàwó.

Ètò yẹn bá ìgbà rẹ̀ mu. Iṣu wá láti oko ọkọ, ẹnikẹ́ni kì í san owó ilé nínú agbolé bàbá rẹ̀, ohun tí ìyàwó ń rà kún ọbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Lónìí, inú yàrá àyágbé ni tọkọtaya wà, gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu ni wọ́n ń rà, láti orí iyọ̀ dé orí omi. Síbẹ̀ bí a ṣe ń pín in látijọ́ náà la ṣì ń pín in: nǹkan ńláńlá fún ọkọ, nǹkan wẹ́wẹ́ fún ìyàwó. Nǹkan wẹ́wẹ́ sì ti di òkè.

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan bí àpẹẹrẹ. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni, lẹ́yìn owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, náírà 480,000 ló ń wọ ọwọ́ rẹ̀ lóṣù. Olùkọ́ ni ìyàwó, 120,000 ló ń gbà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 600,000. Wọ́n bí ọmọ méjì. Owó ilé wọn jẹ́ 900,000 lọ́dún, ìyẹn 75,000 tí a bá pín in sí oṣù. Owó ilé ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 90,000 ní sáà kan. Ọmọ méjì, sáà mẹ́ta, ó di 540,000 lọ́dún, ìyẹn 45,000 lóṣù. Oúnjẹ ń jẹ 150,000. Iná, gáàsì, omi àti owó fóònù ń jẹ 40,000. Àwọn nǹkan tí kì í lórúkọ, bí oògùn, bàtà, àtúnṣe àti òde, ń jẹ 40,000 mìíràn. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 350,000 ni ilé náà ń jẹ lóṣù kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Ọkọ ń san owó ilé, owó ilé ìwé àti owó iná, ó sì ń fún ìyàwó ní 80,000 fún oúnjẹ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 240,000, ìdajì owó oṣù rẹ̀ gan-an. Ìyàwó ń fi 70,000 kún owó oúnjẹ, gbogbo 40,000 àwọn nǹkan tí kò lórúkọ sì ń jáde lápò rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 110,000. Nínú náírà 12 tó bá wọlé fún un, 11 ti bá ilé lọ. Ọkọ ṣẹ́ku 240,000, ìyàwó ṣẹ́ku 10,000. Ọkọ kò purọ́ pé òun ni òun ń náwó jù, òun náà ló ń ná jù lóòótọ́. Ohun tí kò rí ni ohun tó kù sí ọwọ́ ẹnì kejì, nítorí owó ọbẹ̀ kì í ní rìsíìtì.

Ibì kan tún wà tí ìpín yìí ti ń dùn wọ́n láìmọ̀. Owó ilé lè má yí padà fún ọdún méjì, owó ilé ìwé a máa gorí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ṣùgbọ́n owó tòmátì lè gorí láàárín ọjà méjì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé oúnjẹ ti fi ìdá tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju bó ṣe wà ní oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ẹni tí ìpín rẹ̀ jẹ́ ọbẹ̀ ni gbogbo ìyẹn wó lé lórí. Ká ní oúnjẹ ilé àpẹẹrẹ wa gorí láti 150,000 dé 190,000, tí ọkọ sì ń fún un ní 80,000 rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ìnáwó ìyàwó di 150,000, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ 120,000. Àwìn ló kù. Ẹ bá mi wo ẹni tó ń jẹ gbèsè lọ́dọ̀ alátà àti lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì nínú ilé kan. Níbi tí ìpín bá ti wọ́, ibẹ̀ ni àmì rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ yọ, kí ìjà tó dé rárá.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú pín in lọ́gbọọgba, ọkùnrin 175,000, obìnrin 175,000, kó má baà sí ìrẹ́jẹ. Ìyàwó tiwa kò tilẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀. Ìpín ọgbọọgba dára fún ẹni méjì tí owó wọn bá sún mọ́ra. Níbi tí ọ̀kan bá ti ń gba ìlọ́po mẹ́rin owó èkejì, orúkọ rere lásán ló ní.

Ohun tí mo fara mọ́ ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san gẹ́gẹ́ bí owó rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú àpapọ̀. Nínú 600,000, ọkọ mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wá, ìyàwó mú 20. Bí ìnáwó ilé bá jẹ́ 350,000, ọkọ á san 280,000, ìyàwó á san 70,000. Ọkọ á ṣẹ́ku 200,000, ìyàwó á ṣẹ́ku 50,000. Ẹ wò ó: 40,000 péré ni ọkọ fi kún ohun tó ń ná tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kù sí ìyàwó lọ́wọ́ di ìlọ́po márùn-ún. Bí oúnjẹ bá sì tún gorí ní 40,000, ọkọ á gbé 32,000 nínú rẹ̀, ìyàwó á gbé 8,000. Ọ̀wọ́n kan náà ló bá àwọn méjèèjì, kálukú sì gbé e níwọ̀n agbára rẹ̀.

Ṣé kí wọ́n wá da gbogbo owó pọ̀ sínú àpò kan ńkọ́? Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023 lórí èyí. Jenny Olson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé tọkọtaya 230, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó àti àwọn àfẹ́sọ́nà, fún ọdún méjì. Wọ́n ní kí àwọn kan da owó wọn pọ̀ sínú àkáǹtì kan, kí àwọn kan máa lo àkáǹtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ láti ṣe bó ṣe wù wọ́n. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìfẹ́ àwọn tó da owó pọ̀ kò dín kù, ti àwọn yòókù sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí owó bá wà lójú kan, tọkọtaya á máa wo ìnáwó pọ̀, wọn á sì jọ mọ ohun tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ń bẹ láàárín wa tó yẹ ká rò kí a tó ṣe bíi tiwọn. Ọ̀kan ni ẹbí. Ọkọ ní ìyá ní abúlé, ó ní àbúrò ní yunifásítì. Ìyàwó náà ní tirẹ̀. Bí gbogbo owó bá wà nínú àpò kan, gbogbo náírà 5,000 tí a bá fi ránṣẹ́ sí màmá á di ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ tọrọ àyè fún. Èkejì ni òfin, màá dé ibẹ̀. Nítorí náà, àpò mẹ́ta ni mo rí tó ń bá ilé wa mu jù: àpò ọkọ, àpò ìyàwó, àti àpò ilé tí àwọn méjèèjì ń dá owó sí bí owó oṣù bá ti wọlé. Owó tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí lóṣooṣù, kí wọ́n fẹnu kò lórí rẹ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ṣírò ìdá ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ju ìyẹn lọ fún ẹbí rẹ̀, kó ti àpò ara rẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi í.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí kí a mọ ohun tó ń jẹ́ owó wíwọlé, ibẹ̀ ni èrú sì ti ń wọlé, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò rẹ̀. Ẹ mú kọ́párétíìfù. Ọkọ lè sọ pé 330,000 ni òun ń gbà, nígbà tó jẹ́ pé kọ́párétíìfù ilé iṣẹ́ ti yọ 150,000 kí owó tó dé báńkì, owó náà sì ń lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń rà ní orúkọ rẹ̀ nìkan. Owó ìpamọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ìnáwó. Ohun tó kù lẹ́yìn owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni kí a máa lò, kí kọ́párétíìfù tàbí àjọ tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìyàwó tó ń dá àjọ.

Ti oníṣòwò tún le ju ìyẹn lọ, torí owó tó ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju owó tó jẹ́ tirẹ̀ lọ. Ká ní ìyàwó ń ta ohun èlò oúnjẹ ní ìsọ̀, ó sì tà tó 900,000 lóṣù. Ojú ọkọ á rí àwọn owó wọ̀nyẹn nínú fóònù rẹ̀, á ní ìyàwó òun ti là. Kó tó lè kó irú ọjà tó tà náà padà ní iye tó wà lónìí, 760,000 ni yóò ná. Owó ìsọ̀ jẹ́ 15,000, owó ọkọ̀ àti alábàárù jẹ́ 25,000. Ohun tó kù ni 100,000, ìyẹn nìkan sì ni owó rẹ̀. Ẹ fiyè sí i pé iye tí yóò fi kó ọjà tuntun la fi ṣírò, kì í ṣe iye tó fi ra èyí tó tà. Láàárín 2023 àti 2024, nígbà tí nǹkan ń gbówó lórí lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ṣírò èrè wọn lórí iye àtijọ́, wọ́n ná an sínú ilé, nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, owó wọn kò lè ra ìdajì ọjà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ilé ló jẹ owó òwò. Fún oníṣòwò, kí wọ́n ro èrè oṣù mẹ́ta pọ̀, kí wọ́n pín in sí mẹ́ta, kí wọ́n sì lo ìyẹn fún oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀.

Bí ìyàwó ló bá ń gba owó tó pọ̀ ńkọ́? Ìṣirò kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀wọ̀. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá ń ka owó ilé lé lọ́wọ́ á gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀, ìyàwó náà lè máa bẹ̀rù kí ẹbí ọkọ má gbọ́. Àpò ilé ń gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ èyí. Owó ń ti àkáǹtì ìyàwó wọ àpò ilé, ó ń ti àkáǹtì ọkọ wọ àpò ilé, àpò ilé ló sì ń san owó ilé fún lándìlọ́ọ̀dù. Kò sí ẹni tó tọrọ, kò sí ẹni tó ta lọ́rẹ. Ó sì dára bákan náà fún ìyàwó tí owó rẹ̀ kéré, ẹni tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta rántí ọkọ létí pé owó oúnjẹ ti tán.

Níbi tí ọ̀kan kò bá ti gba kọ́bọ̀, bí ìyàwó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ ọwọ́, ìdá tirẹ̀ jẹ́ òdo, ìyẹn kò sì sọ pé kó máa tọrọ owó ìpara. Kí wọ́n kọ iye kan fún àpò tirẹ̀ sínú ìnáwó ilé, bí wọ́n ṣe kọ owó gáàsì. Bí òun kò bá tọ́jú ọmọ náà, ẹnì kan ni wọn ì bá máa sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ òfin wá nìyí, mo sì fẹ́ kí àwọn obìnrin kà á dáadáa. Ní Nàìjíríà, ìgbéyàwó kò sọ ohun ìní ọkọ di ti ìyàwó, kò sì sọ ti ìyàwó di ti ọkọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló ni ín, àyàfi bí ẹnì kejì bá lè fi ẹ̀rí hàn pé òun dáwó sí i. Abala 72 nínú òfin ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní 1970 fún ilé ẹjọ́ ní agbára láti pín ohun ìní bó ṣe tọ́ nígbà ìkọ̀sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó bá ṣègbéyàwó kóòtù tàbí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ nìkan ni òfin yẹn bá wí, ilé ẹjọ́ á sì ṣì máa béèrè ẹ̀rí. Ní ti ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà ti sọ ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, pé aya kì í jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá.

Ẹ padà wo ilé àpẹẹrẹ wa pẹ̀lú èyí lọ́kàn. Bí ìyàwó bá ń fi gbogbo owó rẹ̀ sọ́bẹ̀ fún ogún ọdún, tí ọkọ sì ń fi 240,000 tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra ilẹ̀ tó sì ń kọ́lé, àwọn méjèèjì ló kọ́ ilé náà, nítorí bí ọbẹ̀ bá wà lọ́rùn ọkọ, kò ní rí owó búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n rìsíìtì búlọ́ọ̀kù wà, rìsíìtì efinrin kò sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń takú pé ìnáwó tó ń tán àti ìnáwó tó ń dúró gbọ́dọ̀ ti inú àpò kan náà jáde. Bí àpò ilé bá ra ilẹ̀, kí orúkọ méjèèjì wà lórí rìsíìtì, lórí ìwé àdéhùn àti lórí ìwé àwòrán ilẹ̀. Kí ó máà jẹ́ pé ọ̀kan ń jẹ́ ọbẹ̀, èkejì ń jẹ́ ilé.

Ó ku bí a ṣe ń ṣí àpò náà. Àkáǹtì méjì ni mo máa gbà wọ́n nímọ̀ràn láti ṣí, méjèèjì ní orúkọ ọkọ àti ìyàwó. Báńkì á bi wọ́n bóyá ẹnì kan lè dá fọwọ́ sí i tàbí àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ojoojúmọ́, oúnjẹ, iná àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́, 230,000 lóṣù nínú àpẹẹrẹ wa. Kí ẹnì kan lè dá fọwọ́ sí i, kí káàdì rẹ̀ lè wúlò lọ́jà. Èkejì jẹ́ ti owó ilé àti owó ilé ìwé, 120,000 lóṣù. Kí àwọn méjèèjì máa fọwọ́ sí i. Owó tó ń jókòó fún oṣù púpọ̀ ni, bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá sì dé lápá ẹbí kan, òun ni ojú àkọ́kọ́ ń lọ bá.

Ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń le, torí owó ilé kò ní dúró kí àpò kún. Bí tọkọtaya wa bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, tí owó ilé sì yẹ ní ìparí oṣù kẹjọ, oṣù mẹ́fà ni wọ́n á ti dá 75,000 sí i, á jẹ́ 450,000. 450,000 mìíràn ló kù. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọkọ lọ dá yá a ní kọ́párétíìfù bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹta gan-an, kí ọkọ máa fi 60,000 kún tirẹ̀ lóṣooṣù, kí ìyàwó máa fi 15,000 kún tirẹ̀, owó á pé nígbà tí lándìlọ́ọ̀dù bá kan ilẹ̀kùn. Láti oṣù kẹsàn-án, àfikún yẹn á dúró, 75,000 péré á sì tó wọn dé oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, bí lándìlọ́ọ̀dù kò bá fi kún owó ilé.